Dídáhùn Ìbéèrè Àyẹ̀wò Nínú Ímeèlì Ìwáṣẹ́ Fúnra Rẹ̀

Nínú ìpolówó iṣẹ́ mìíràn, gbólóhùn kan máa ń wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá: “Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́rin yìí nínú ímeèlì yín, ẹ má ṣe fi ìdáhùn sínú fáìlì.” Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ kì í kíyè sí gbólóhùn yìí. Wọn a so síífíì mọ́ ímeèlì, wọn a kọ “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fáìlì tí mo so mọ́ ọn,” wọn a sì fi ránṣẹ́. Lójú ẹni tí ó ń ṣa ìwé, ímeèlì bẹ́ẹ̀ kò ní ìdáhùn kankan nínú, ó sì lè pa á tì láì ṣí fáìlì náà rárá.

Ìdí tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń béèrè lọ́nà yìí kò fara sin. Ẹni tí ó ń ṣa ìwé lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ímeèlì níwájú, orí fóònù ni yóò sì ti ka púpọ̀ nínú wọn. Bí ìdáhùn bá wà lójú ímeèlì, ó ti mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan bóyá ẹni yìí kúnjú ìwọ̀n. Àwọn ọ́fíìsì kan kì í sì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn ṣí fáìlì tí ó ti ọ̀dọ̀ àjèjì wá, nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò tí í ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, títẹ̀lé ìlànà náà jẹ́ ìdánwò àkọ́kọ́, pàápàá fún iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ ìwé kíkọ àti ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ilé ìtajà kan ní Abẹ́òkúta ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ó béèrè pé: ṣé olùwáṣẹ́ ti parí ètò àgùnbánirọ̀, ọdún mélòó ni ó ti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ọdún 3, kí ó sọ ìgbà kan tí iye ọjà inú ìwé kò bá iye tí ó kà mu, ní ọ̀rọ̀ tí kò ju 100 lọ, àti ìgbà tí ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tí ó ń retí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí olùwáṣẹ́ da ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kọ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ó sì fi ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ ìdáhùn nìkan, “Bẹ́ẹ̀ ni” tí ó wà ní ìlà kìíní kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ìwé ìpolówó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà gígùn kan, ẹni tí ń kà á ni yóò máa wá ìdáhùn kiri, kò sì dájú pé yóò ní sùúrù rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní rọrùn. “Bẹ́ẹ̀ ni. Mo parí rẹ̀ ní ọdún 2020. Ìwé ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ìwé ìyọ̀ǹda dípò rẹ̀ ni kí ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí.

Ìbéèrè kejì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Olùwáṣẹ́ wa ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan láti oṣù Kẹta ọdún 2021 títí dé ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Èyí jẹ́ oṣù 30, ìyẹn ọdún méjì àti ààbọ̀. Wọ́n ń fẹ́ mẹ́ta. Ọkàn rẹ̀ lè sọ fún un pé kí ó kọ “ọdún 3”, ṣùgbọ́n síífíì tí ó so mọ́ ímeèlì kan náà ni yóò jẹ́rìí lòdì sí i, nítorí ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó kúrò wà níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ nìyí: “Ọdún 2 àti oṣù 6 ní ilé ìkẹ́rùsí. Lẹ́yìn náà, mo fi oṣù 10 ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan, níbi tí mo ti ń ka ọjà ní gbogbo òpin oṣù.” Iye ni ó ṣáájú, àlàyé tẹ̀ lé e. Ẹni tí ń ṣa ìwé ni yóò pinnu bóyá oṣù 10 náà kà. Ó kéré tán, kò rí irọ́.

Ìbéèrè kẹta ni ó ń fi ènìyàn hàn jù lọ, kò sì yẹ kí a fi “mo jẹ́ olóòótọ́ àti òṣìṣẹ́ takuntakun” dáhùn rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìyẹn. Iye àti ìgbésẹ̀ ni wọ́n ń wá: “Ìwé sọ pé páálí tòmátò alágolo 240 wà, mo ka 228. Mo tún un kà pẹ̀lú ẹnìkejì, 228 náà ni. Mo yẹ ìwé ìkọ́jàjáde wò, mo sì rí i pé wọ́n kó páálí 12 lọ sí ẹ̀ka wa kejì láì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́, ọ̀gá mi fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, ọjà kì í jáde kí a tó fọwọ́ síwèé.” Kò tó 100 ọ̀rọ̀, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni a lè bi í léèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ní ti ìkẹrin, “a lè dúnàádúrà” nìkan kì í ṣe ìdáhùn. Kí ó kọ iye, tàbí láti iye báyìí dé iye báyìí, kí ó sì dárúkọ ọjọ́ tí ó lè bẹ̀rẹ̀.

Bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ tún ṣe pàtàkì. Ó dára kí a kọ́kọ́ kọ ìdáhùn síbòmíràn, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì tẹ `Send`. Ṣùgbọ́n bí a bá dà á kọ láti inú Word, ìrísí lẹ́tà àti àtẹ inú rẹ̀ lè bá a wá, kí ó sì dàrú lójú ẹni tí ó gbà á. Lórí kọ̀ǹpútà, a lè fi `Ctrl+Shift+V` lẹ̀ ẹ́ sínú Gmail, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò sì wọlé. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ pupa tàbí búlúù ya ìdáhùn sọ́tọ̀; àwọ̀ lè má dé ibẹ̀. Àyè ìlà kan láàárín ìdáhùn kan àti ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e tó. Ojú `To` ni kí ẹ kún gbẹ̀yìn. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ sì kà á lórí fóònù.

Nígbà mìíràn, agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìbéèrè ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ó ti gba síífíì. Orí ímeèlì rẹ̀ yẹn ni kí ẹ ti fèsì, kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n Gmail máa ń ká ọ̀rọ̀ àtijọ́ pamọ́ sábẹ́ àmì tóótòòtó mẹ́ta. Ìdáhùn tí a bá tẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ yẹn lè fara pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ da àwọn ìbéèrè náà kọ sókè, kí ẹ sì dáhùn wọn níbẹ̀.

Bí “ìbéèrè àyẹ̀wò” bá ń béèrè nọ́ńbà BVN, nọ́ńbà káàdì báǹkì, nọ́ńbà àṣírí tàbí owó fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ìbéèrè àyẹ̀wò mọ́. Iṣẹ́ ẹni kò nílò ìkankan nínú wọn kí a tó mọ̀ bóyá ó kúnjú ìwọ̀n. Ẹ má ṣe dáhùn rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i lẹ́yìn tí ẹ ti fi ránṣẹ́ pé ẹ fo ìbéèrè kan, ẹ má fi ìdáhùn kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ẹ ṣí ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ fèsì lé e lórí sí agbanisíṣẹ́ kan náà, ẹ tún ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ, kí ẹ sì sọ ní ìlà àkọ́kọ́ pé èyí ni kí wọ́n lò. Kí èyí dé kí ọjọ́ ìparí ìgbàwé tó kọjá.