Mo Gba Iṣẹ́ Náà: Íméèlì Tí Kò Ní Fi Ọ́ Sílẹ̀ Ní Agbedeméjì

Íméèlì tí a fi ń gba iṣẹ́ kì í gùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í kọ ju ìlà méjì lọ: ẹ ṣeun, inú mi dùn, mo gbà á. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn mìíràn ń kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ sí ọ̀gá wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá ń yọ̀ pàápàá, ó yẹ kí ojú ríran, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni gbólóhùn kan wà tí ayọ̀ kì í jẹ́ kí a kà dáadáa: pé iṣẹ́ náà yóò di tiwa bí àbájáde ìwádìí tí wọ́n bá ṣe nípa wa bá tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ìyẹn ni pé wọ́n ti fi iṣẹ́ lọ̀ wá, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ sí wa lọ́wọ́ tán. Bí ìwádìí náà bá pẹ́, tàbí tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ yóò wà láàárín iṣẹ́ méjì láìní ọ̀kan. Àlàfo yìí ni ó yẹ kí íméèlì wa dí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn gbà mí láyè láti fi tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti jẹ́ akọ̀wé owó fún ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Àdéhùn rẹ̀ níbẹ̀ ni pé bí ó bá fẹ́ lọ, yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Bí ó tilẹ̀ kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, oṣù kan kò ní pé kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kò.

Kò kọ̀wé pé “mo gbà á, ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá ni mo máa bẹ̀rẹ̀.” Nínú òfin àdéhùn, ẹni tí ó bá yí ohun kan padà nínú ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kò tíì gbà á, ohun tuntun ni òun náà fi lọ̀ wọ́n, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Orí fóònù ni ó ti kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́. Wọ́n gbà sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ó sì ní kí wọ́n fi ìwé mìíràn tí ọjọ́ tuntun náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Ìwé yìí dé ní ọjọ́ 6. Ní ọjọ́ kejì ni ó tó fèsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, bí a ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí:

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́ fún ìwé yín ti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ. Mo gba iṣẹ́ akọ̀wé owó tí ẹ fi lọ̀ mí, pẹ̀lú owó oṣù àti gbogbo àdéhùn inú ìwé náà, láti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Ẹ̀dà tí mo fọwọ́ sí wà pẹ̀lú íméèlì yìí.

“Ó yé mi pé ìwádìí yín ni yóò fìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀. Mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí ó fún yín láyè láti ṣe é. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà báyìí ṣe ìgbẹ̀yìn nínú àwọn tí ẹ máa kàn sí, kí ẹ sì sọ fún mi kí ẹ tó pè wọ́n, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ fún ọ̀gá mi.

“Orúkọ bàbá mi ni ó wà lórí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi àti ti àgùnbánirọ̀, orúkọ ọkọ mi ni ó wà lórí NIN. Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ojú-ìwé ìròyìn tí mo fi kéde ìyípadà orúkọ náà wà nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́.

“Bí mo bá ti rí ìwé yín pé ìwádìí ti parí ni n ó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi, oṣù kan sì ni àdéhùn mi níbí. Bí ìwé yín bá dé kí ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ tó kọjá, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá yóò ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ àwọn fọ́ọ̀mù tí ó kù àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà wọ́n.”

Ẹ wo bí ó ti so ọjọ́ mẹ́ta pọ̀: ọjọ́ tí ìwádìí yóò parí, ọjọ́ tí òun yóò kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá sún síwájú, gbogbo wọn ti mọ̀ pé àwọn yòókù yóò sún. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí i pé ó pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà kì í ṣe àṣejù. Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ẹni tí ń ṣe ìwádìí kò mọ̀ wá rí. Orúkọ inú ìwé ni ó fi mọ̀ wá. Bí orúkọ méjì kò bá bára mu, yóò dá fáìlì náà dúró títí tí yóò fi rí àlàyé. Kì í ṣe àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó nìkan ni ó ń kàn. Ẹni tí orúkọ àárín rẹ̀ wà lórí ìwé kan tí kò sí lórí èkejì, tàbí tí wọ́n ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ rẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí tábìlì kí ẹ tó fèsì, kí ẹ sì ka orúkọ orí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí nǹkan ti há fún ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ onídùúró. Ilé-iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí wọ́n ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí wọn yóò fi fọ́tò àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wọn sí fọ́ọ̀mù. Ẹnìkan nínú àwọn tí ó fọkàn sí, òṣìṣẹ́ ìjọba, ka fọ́ọ̀mù náà dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí owó bá sọnù lọ́wọ́ akọ̀wé, onídùúró ni yóò san án. Ó dá fọ́ọ̀mù náà padà. Kò ṣẹ̀ ẹ́; ohùn tí ó le ni ó wà nínú ìwé náà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó tó rí ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí a tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí a fún un ní fọ́ọ̀mù náà kà, kí a sì bi í bóyá yóò wà nílé tàbí níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá wá wò ó.

Ní ti ìwé owó ìfẹ̀yìntì, òfin ọdún 2014 sọ pé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni òṣìṣẹ́ ń dá, agbanisíṣẹ́ ń dá 10. Àkáǹtì kan náà ni ó ń bá òṣìṣẹ́ lọ láti ibi iṣẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nọ́ńbà àtijọ́ ni kí ẹ fún wọn. Ẹ má ṣí òmíràn. Fún owó oṣù, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tó. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ sanwó kí ìwádìí tó lè bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ó béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì yín, gbájú-ẹ̀ ni.

Ìwé pé ìwádìí ti parí dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọjọ́ kan péré kù. Lọ́jọ́ náà ni ó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ká ní onídùúró kejì tún kọ̀ ni, ì bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, owó oṣù rẹ̀ ì bá sì máa wọlé bí ó ti ń wá ẹlòmíràn.