Ẹ̀jẹ̀ Pé Nínú Ara, Ojú Ọgbẹ́ Ò Dí

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń dín dòdò tà ní Ìkirè, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ifẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ibà ò ṣe é, oúnjẹ ń wọlé, ó ń dúró nídìí agbada láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń fọ ẹnu, àwọn àmì kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ sì yọ sí i lójúgun. Àbúrò rẹ̀ wá kí i láti Àpòmù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ yín ló fẹ́ gbẹ. Ẹ jẹ́ n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ wá.”

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. PCV jẹ́ 36, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ pupa tó. Ẹ̀jẹ̀ funfun náà tó. Ohun tó wálẹ̀ ni pílétílẹ́ẹ̀tì: 12,000 ni wọ́n rí, níbi tó ti yẹ kó wà láàrin 150,000 sí 450,000. Ìwé àyẹ̀wò mìíràn á kọ 12 lásán, kì í ṣe pé méjìlá péré ló kù. Wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún kúrò ni.

Pílétílẹ́ẹ̀tì ni awẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń sáré lọ dí ihò nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya. Mùdùnmúdùn egungun ló ń ṣe é, kì í sì lò ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ kí ara tó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ara kò lè sinmi ṣíṣe é. Bí èyí tó ń kú bá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, iye rẹ̀ á já wálẹ̀ kíákíá.

Kí ló wá ń pa á lára ẹni tí ara rẹ̀ le? Ara ní àwọn ohun ìjà kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn bí àmì, kí àwọn ọmọ ogun ara lè dá a mọ̀ kí wọ́n sì gbé e mì. Nínú àìsàn tí àwọn dókítà ń fi lẹ́tà ITP pè, ara ṣi àmì náà fi sára pílétílẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Ó dà bí àmì pupa tí ìjọba máa ń kùn sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó: ilé náà lè dúró digbí, àmì yẹn ló máa fa katakata wá bá a. Ọlọ inú, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ni ibi tí wọ́n ti ń wó èyí tó pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, àmì náà tún máa ń dé mùdùnmúdùn egungun, tí kò fi ní lè ṣe tuntun tó láti dí àlàfo náà.

Ní ọdún 1950, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Wílíámù Hárínténì, gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tó ní àìsàn yìí sára ara rẹ̀. Láàrin wákàtí díẹ̀, pílétílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ náà já wálẹ̀ pátápátá, ó sì gba ọjọ́ mélòó kan kó tó padà. Ìyẹn ló fi hàn pé nǹkan kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tó ń pa á. Àmì yẹn kò kan ẹ̀jẹ̀ pupa àti funfun, ìdí nìyẹn tí ara ẹni náà fi le. Ìdí nìyẹn náà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àbúrò fẹ́ rà kò fi ní gbé pílétílẹ́ẹ̀tì sókè.

Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó máa sọ pé ITP ni. Ńṣe ni dókítà máa ń yọ àwọn ohun mìíràn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní agbègbè wa, ibà ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ yẹ kí wọ́n wò, torí ibà máa ń fa pílétílẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Wọ́n á béèrè oògùn tó lò, torí kuiníìnì lè ṣe irú rẹ̀. Wọ́n á wo kòkòrò HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì béèrè bóyá ó lóyún. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lábẹ́ awò, torí pílétílẹ́ẹ̀tì lè dì mọ́ra nínú ìgò, kí ẹ̀rọ ka òṣùṣù kan sí ẹyọ kan. Bí ọlọ inú bá wú, tí kókó yọ lọ́rùn, tàbí tí ẹni náà ń rù, àìsàn mìíràn ló yẹ kí wọ́n wá.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló ń lo oògùn. Àgbàlagbà tí tirẹ̀ bá tó 30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí kò sì ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sábà máa ń ṣọ́ ọ lásán ni. Ọ̀pọ̀ ọmọdé, tó sábà máa ń mú lẹ́yìn òtútù tàbí ibà kékeré, ni ara wọn máa ń yá fúnra rẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀. Ohun tí dókítà ń lé ni kí ẹ̀jẹ̀ má ṣe dà, kì í ṣe kí iye náà rẹwà lórí ìwé.

Oníṣòwò dòdò wa ń ṣẹ̀jẹ̀, 12,000 ló sì ní, nítorí náà oògùn kàn án. Pirẹdinisólóònù ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, mílígíráàmù kan fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bó bá wọ̀n ọgọ́ta kílò, á lo mílígíráàmù ọgọ́ta, ìyẹn hóró méjìlá bó bá jẹ́ oní-márùn-ún-márùn-ún, láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Oògùn yìí ń dá ọwọ́ àwọn tó ń fi àmì sí i àti àwọn tó ń wó o dúró. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, iye náà sábà máa ń gbéra. Lẹ́yìn náà ni dókítà á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó lè tán láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ dá a dúró lójijì lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń rà á nìṣó ní ilé oògùn lè fi kó àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti egungun ẹlẹgẹ́.

Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, iye náà máa ń tún wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dín oògùn kù. Wọ́n á wá gbé e lọ sí ipele kejì: ẹ́lútírómbópágì, tó ń ru mùdùnmúdùn sókè láti ṣe púpọ̀ sí i, tàbí ritúsímábù, tó ń pa àwọn tó ń ṣe àmì náà. Méjèèjì wọ́n. Iṣẹ́ abẹ tó ń yọ ọlọ inú ti wà láti ọdún 1916, nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní ìlú Púrágù, Páùlù Kásínẹ́sìnì, dá a lábàá. Ó ń ṣe nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta lóore pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ inú ló ń bá wa sẹ́ kòkòrò ibà àti kòkòrò mìíràn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ tirẹ̀ ní ilẹ̀ ẹlẹ́fọn bíi tiwa gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú, kó sì ka ibà kékeré sí ohun tó ń lé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Gbígba pílétílẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn sára kò pẹ́ lára ẹni tó ní ITP, torí àmì náà á lẹ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tó lè pani ni wọ́n ń lò ó, pẹ̀lú àwọn oògùn tó ń yára ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ bíi ti obìnrin yìí, kó má ṣe lo Alábùkún, torí asipírìnì wà nínú rẹ̀, asipírìnì sì ń sọ ìwọ̀nba pílétílẹ́ẹ̀tì tó kù di aláìlágbára. Kó yàgò fún ibupurofẹ́ẹ̀nì àti abẹ́rẹ́ ìdí pẹ̀lú. Lára àwa tí awọ wa dúdú, àwọn àmì kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ náà lè ṣòro rí. Ẹ ya ẹnu, ẹ wo àjà ẹnu àti èrìgì, kí ẹ sì wo àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí ìléròrò ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, tàbí tí orí fífọ́ líle dé lójijì, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ọsibítù UCH wà ní Ìbàdàn, ọsibítù ńlá ti yunifásítì sì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni Ìkirè àti Àpòmù wà.