Irun Dàda: Bí Lílọ́ Lemọ́lemọ́ Ṣe Ń Ba Gbòǹgbò Irun Jẹ́

Ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí a bí ní Dàda, ọ̀tọ̀ ni àgbà tí ó jókòó síwájú onídìrí kí ó bá a lọ́ irun rẹ̀ di dàda. Irun ti ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ta kókó, ẹnikẹ́ni kò fà á. Irun ti àgbà ni ọwọ́ ènìyàn ń kàn lóòrèkóòrè, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Onídìrí yóò pín irun orí sí ọ̀nà kéékèèké, yóò sì fi ìka tàbí òòyà lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó ṣe pàtàkì, nítorí irun inú rẹ̀ ni yóò máa gbé ìdì dàda náà títí lọ. Irun bíi 50 sí 100 ń bọ́ ní orí ènìyàn lójoojúmọ́. Ní orí onídàda, inú ìdì ni púpọ̀ nínú wọn ń há sí. Nítorí náà ìdì ń wúwo sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tí ó gbé e kò pọ̀ sí i. Kò yẹ kí a pín irun ẹ̀bátí àti ti iwájú orí, tí ó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀, sí tín-ín-tìn-ìn-tín.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ó ń tún dàda rẹ̀ lọ́ ní ọ̀sẹ̀ 2 síra. Irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, nítorí náà ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni onídìrí yóò bá. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè mú un, àfi kí ó fa gbòǹgbò náà le, ìgbà 26 lọ́dún. Bí obìnrin náà bá sún un sí ọ̀sẹ̀ 8 síra, irun tuntun yóò ti tó sẹ̀ǹtímítà 2, fífà kò sì ní ju ìgbà 6 tàbí 7 lọ. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìdì lè bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ara wọn. Ọwọ́ ni a fi ń rọra yà wọ́n.

Orí tí ó ń ro ènìyàn títí ilẹ̀ fi mọ́ lẹ́yìn ìdìrí kì í ṣe àmì iṣẹ́ dáradára, ohunkóhun tí onídìrí ìbáà sọ. Fífà ti pọ̀ jù nìyẹn. Kókó kéékèèké a máa yọ yí gbòǹgbò ká. Lẹ́yìn èyí ni ìdì yóò tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, tí irun kúkúrú bíi mélòó kan yóò sì ṣẹ́kù ní etí iwájú orí.

Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí ní láti dáwọ́ lílọ́ dúró, kí ó má dì í sókè, pàápàá nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó sì gé e kúrú bí ó bá wúwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irun a máa padà hù láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n níbi tí awọ orí bá ti ń dán, tí a kò rí ihò irun mọ́, àpá ti wà lábẹ́ rẹ̀; dókítà àrùn awọ ara kì í sábà rí irun mú padà hù níbẹ̀.