Etí ń dun ọmọ: kílò rẹ̀ ló máa sọ ìwọ̀n amọsisilíìnì tó máa mu

Bí ọ̀fìnkìn bá ti ń bá ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin jà fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í di etí mú, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní lè sùn lóru. Tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá yẹ inú etí náà wò, tó sì rí i pé ó nílò oògùn apakòkòrò, amọsisilíìnì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọ fún un. Síbí mélòó wá ni ká fún ọmọ? Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ọjọ́ orí nìkan ò tó. Ọmọ ọdún mẹ́rin méjì lè wà nínú ilé kan, kí ọ̀kan wọn 12 kílò, kí èkejì wọn 18. Oògùn tó tó ọ̀kan ò lè tó èkejì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má kàn lo kílò tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé ìlànà rẹ̀ ti 2022, ní kí ọmọ tí etí ń dùn gba mílígíráàmù 80 sí 90 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ó pọ̀ díẹ̀, torí pé kòkòrò tó ń fa àìsàn etí yìí ti mọ bí a ṣe ń fara da oògùn kékeré.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún ọmọ tó wọn 15 kílò. 15 lọ́nà 80 jẹ́ 1200. Mílígíráàmù 1200 nìyẹn láàárọ̀ ṣúlẹ̀. A ò ní fún un lẹ́ẹ̀kan náà o. Láàárín wákàtí mélòó kan, ara ti ń fi ìtọ̀ tú oògùn yìí dànù, nítorí náà a máa ń pín in sí méjì: 600 láàárọ̀, 600 lálẹ́, kí wákàtí bíi 12 wà láàárín wọn.

Ní báyìí, ẹ yẹ ara ìgò wò. Omi oògùn tí wọ́n kọ 250 mg/5 ml sí ní mílígíráàmù 50 nínú mílílítà kan. Nítorí náà, 600 jẹ́ mílílítà 12 lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ìgò tí wọ́n kọ 125 mg/5 ml sí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Mílílítà 24 ni ọmọ yìí kan náà máa mu nínú rẹ̀. Tí ìgò bá yí padà, tí ẹ sì ń wọn iye kan náà, ìdajì oògùn tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀ lẹ fún un yẹn. Ẹ má fi síbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n, sìríńjì tàbí síbí ìwọ̀n tó bá oògùn wá ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì gbọn ìgò náà dáadáa, torí pé ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀.

Ọjọ́ mélòó? Fún ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì, tí àìsàn náà ò le jù, ọjọ́ 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ. Ọjọ́ 7 ni àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ń lò láàárín ọdún méjì sí márùn-ún. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí dókítà yín bá kọ. Ọmọ wa yìí ń mu mílílítà 24 lójúmọ́. Ọjọ́ 5 jẹ́ 120, ìyẹn ìgò méjì tó jẹ́ mílílítà 60. Ẹni tó bá ra ìgò kan ṣoṣo máa rí i tán lọ́jọ́ kẹta. Ìrora sì ti lè lọ nígbà náà, kí ó rò pé ó parí, bẹ́ẹ̀ àwọn kòkòrò tó kù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ra kápúsù ẹyọ-ẹyọ ní ọjà Wàǹdó kí ẹ máa tú u pín: kò sẹ́ni tó mọ iye tó bọ́ sẹ́nu ọmọ.

Tí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí ibà àti ìrora ò dínkù, ẹ gbé ọmọ padà sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi kún oògùn fúnra yín. Tí ẹ̀yìn etí bá wú, tí ọrùn bá le, tàbí tí ọmọ ò bá jí dáadáa, ẹ gbé e lọ kíákíá. Tí ara rẹ̀ bá sú, tí ojú rẹ̀ bá wú, tàbí tí èémí ò bá já gaara lẹ́yìn tó mu oògùn, ẹ dá a dúró, kí ẹ sáré lọ. Ọmọ tí pẹnisilíìnì ti bá jà rí ò gbọdọ̀ mu ún rárá.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò ní ilé ìtajà oògùn, ẹ béèrè pé: kílò mélòó ni ẹ lò? Mílílítà mélòó lẹ́ẹ̀kan? Ìgbà mélòó lójúmọ́? Ọjọ́ mélòó? Kí wọ́n kọ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára ìgò náà fún yín.