Iná Ọ́ìlì Tó Ń Ṣẹ́jú: Ṣé Ẹ́ńjìnnì Ni, àbí Swíìṣì?

Mọ́tò ti sáré láti Ìbàdàn wọ Èkó, ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, ó wá kó sínú gó-sílò. Bí dírẹ́bà ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, iná pupa alágolo ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Ó tẹ tọ́tù díẹ̀, iná kú. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kí wọ́n pààrọ̀ swíìṣì ọ́ìlì. Ó lè jẹ́ òun lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ọ́ìlì ò ráyè dé inú ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ.

Swíìṣì kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì ló ń tan iná náà. Bí agbára tí ọ́ìlì fi ń tì í bá wálẹ̀ ju nǹkan bíi 4 sí 7 PSI lọ, iná á tàn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí ni pọ́ǹpù ọ́ìlì ń yí. Tí mọ́tò bá dúró, pọ́ǹpù á rọra máa yí, ọ́ìlì tó gbóná á sì ti ṣàn bí omi. Bí bẹ́árìn bá ti jẹ, àyè ibẹ̀ á fẹ̀, ọ́ìlì á gbabẹ̀ sá lọ. Ìdí nìyẹn tí àìsàn gidi fi kọ́kọ́ ń hàn nígbà tí mọ́tò bá dúró. Àmọ́ swíìṣì tó ti rẹ̀, tó ń tan iná ní 10 PSI, á ṣe bákan náà gẹ́lẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fa gééjì ọ́ìlì wò. Tí ọ́ìlì bá pé, ẹ yọ wáyà swíìṣì, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀nù láìsítáàtì. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò oníwáyà kan, ó yẹ kí iná kú. Bí kò bá kú, wáyà ti bó, ó ń kan irin.

Ibi tí ẹjọ́ ti ń parí ni gééjì onírin. Ẹ tú swíìṣì, ẹ de gééjì sójú ihò rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ká ní Kòrólà kan ka 15 nígbà tó dúró, tó sì ka 50 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan: swíìṣì ló jẹ̀bi. Bó bá ka 3, tó wá ka 25 péré, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣàìsàn. Ẹ tú páànù ìsàlẹ̀, ẹ wo asẹ́ ọ́ìlì bóyá ìdọ̀tí dí i, lẹ́yìn náà pọ́ǹpù, kí ẹ tó dé orí bẹ́árìn.

Ẹ má fi ọ́ìlì tó ki bo iná náà mọ́lẹ̀. Bẹ́árìn tó jẹ á ṣì máa jẹ lọ. Bí iná bá sì tàn, tí ẹ́ńjìnnì wá ń dún kò-kò-kò, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá ọkọ̀ tí yóò fà á.