Ihò Inú Bírákẹ́ẹ̀tì

Ká ní ọ̀pá oníwọ̀n mìlímítà 20 yóò máa yí nínú ihò bírákẹ́ẹ̀tì irin kan. Bí ayàwòrán bá kọ 20 lásán, ó ku díẹ̀ káàtó, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè gé 20 géérégé. 20 H7 ni kó kọ: ihò náà kò gbọdọ̀ kéré sí 20.000, kò sì gbọdọ̀ ju 20.021 lọ. Ọ̀pá tí wọ́n gé sí g6 kì í ju 19.993 lọ, nítorí náà yóò wọlé, yóò sì yí dáadáa. Etí ìta kò nílò irú ìnira yẹn rárá. Ìdajì mìlímítà síwá sẹ́yìn ti tó. Ẹni tó fún gbogbo ibi ní ààlà tóóró, owó oníbàárà ló ń ná.

Ihò bóòtì ńkọ́? Òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, kí orí bóòtì lè rì sínú rẹ̀. Ẹ yà á bí ẹni pé ayùn la bírákẹ́ẹ̀tì náà gba àárín ihò. Ẹ fa ìlà A-A sí ibi tí ayùn gbà lára àwòrán kejì. Ẹ fi ìlà tín-ínrín tó dagun kún ibi tí irin wà, kí ẹ fi ihò sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ bí apá tó fẹ̀ náà ṣe jìn tó.