Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Níwájú Olùyẹ̀wò: Ohun Tí Àpótí Ìsá Ẹ̀gẹ́ Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní ọdún karùn-ún, mo gbọ́ pé wọ́n ti lẹ ọjọ́ tí ẹ máa gbé próójẹ̀ẹ̀tì yín kalẹ̀ mọ́ ara pátákó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ ní láti sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Èmi náà ti dúró síbi tí ẹ fẹ́ dúró sí yìí. Próójẹ̀ẹ̀tì tèmi ni àpótí onígíláàsì tí a fi ń sá ẹ̀gẹ́ tí a ti gé wẹ́wẹ́, tó jẹ́ pé oòrùn nìkan ló ń mú un gbóná. Mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, àmọ́ mi ò gbé e kalẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí n sì fi bí ǹ bá ṣe tò ó hàn yín ká ní òní ni.

Síláìdì mẹ́rìnlélógún ni mo gbé lọ. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ nípa sísá oúnjẹ. Nígbà tí agogo dún, orí síláìdì kọkànlá ni mo wà, mò ń ṣàlàyé irú pákó tí mo fi kan àpótí náà. Àwọn olùyẹ̀wò kò tíì rí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n. Alága wọn ní, "Ó ti tó, jẹ́ ká bi ọ́ ní ìbéèrè." Gbogbo oṣù tí mo fi jókòó ti àpótí yẹn nínú oòrùn, inú ìwé tó wà lórí tábìlì wọn ló wà, kò jáde lẹ́nu mi.

Tó bá jẹ́ òní ni, síláìdì mẹ́jọ ni màá mú dání. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìṣòro àti ohun tí mo fẹ́ ṣe, nínú gbólóhùn tí ìyá tó ń ta láfún á lè gbọ́: ẹ̀gẹ́ tí a sá sórí ẹní ń gba ọjọ́ mẹ́ta, eruku ń bà lé e, òjò sì lè bà á jẹ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá àpótí yìí lè gbẹ ẹ́ ní ọjọ́ méjì. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo máa fún iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, mi ò sì ní ka orúkọ wọn jọ. Màá kàn sọ ohun tí wọn kò tíì wọ̀n tí èmi fẹ́ wọ̀n. Ìṣẹ́jú méjì fún àpótí náà àti bí mo ṣe lò ó, pẹ̀lú fọ́tò kan tó hàn ketekete. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko fún èsì. Ìṣẹ́jú kan fún ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìkẹwàá, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí póróńjẹ́kítọ̀ máa ń ṣe wàhálà, ẹnìkan nínú àwọn olùyẹ̀wò sì máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu.

Ibi èsì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni máàkì wà. Ìlà kan lórí gíráàfù kan ti tó: ìwúwo ẹ̀gẹ́ náà ní wákàtí sí wákàtí, ti inú àpótí àti ti orí ẹní, tí a sá ní ọjọ́ kan náà. Kìlógíráàmù 5 ni mo kó sínú àpótí. Mo ti kọ́kọ́ mú díẹ̀ lára ẹ̀gẹ́ yẹn sínú ọ́fùnù ilé-ìwádìí ní dígírì 105 fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, mo sì rí i pé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni omi. Ìyẹn ni pé nínú kìlógíráàmù 5 náà, 1.75 péré ni ohun tó le, omi ni ìyókù. Nígbà tí ọjọ́ kejì parí, ìwúwo rẹ̀ ti di kìlógíráàmù 2. Ohun tó le kò lọ síbi kankan, torí náà 0.25 ni omi tó ṣẹ́ kù, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá sọ ìṣirò yìí báyìí, ní ẹsẹ̀ kan sí ìkejì, olùyẹ̀wò á máa mi orí. Tẹ́ ẹ bá gbé tábìlì onílà ogójì síwájú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù.

Ohun kan wà lórí gíráàfù yẹn tí mo fẹ́ pa rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ̀gẹ́ náà jẹ́ 3.10, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di 3.16. Ó tún wúwo sí i lóru, ìlà náà sì gbé orí sókè díẹ̀. Mo rò pé wọ́n á sọ pé síkéèlì mi kò dára. Alábòójútó mi ló ní kí n fi í sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ òru tutù, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ díẹ̀ fa omi padà. Ìlà tó gbé orí yẹn jẹ́rìí sí i pé mo wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ máa ń fura sí ìlà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó kan ìbéèrè wàyí. Mẹ́ta ni wọ́n bi mí tí mo lè sọ pé ẹ̀yin náà á pàdé irú wọn.

Èkíní: "Omi yìí, lórí ìwọ̀n tútù ni tàbí lórí ìwọ̀n gbígbẹ?" Mo dákẹ́. Lórí síláìdì kan mo kọ 65, lórí òmíràn tí mo mú tààrà láti inú Excel, mo kọ 186. Méjèèjì ló tọ̀nà, ẹ wò ó:

```
lórí ìwọ̀n tútù:   (5.00 - 1.75) / 5.00 = 65%
lórí ìwọ̀n gbígbẹ: (5.00 - 1.75) / 1.75 = 186%
```

Ẹni tí kò bá sọ èyí tó ń lò, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ gíráàfù, kí ẹ sì lò ó dé òpin. Irú ìbéèrè yìí wà nínú gbogbo iṣẹ́: kí ni o fi pín nọ́ńbà yìí, èé sì ti ṣe?

Èkejì: "Ìdá mélòó nínú agbára oòrùn ló ṣiṣẹ́?" Èyí ni mo dáhùn dáadáa, nítorí mo ti múra rẹ̀ sórí síláìdì àfikún kan tí mo fi sẹ́yìn síláìdì ìkẹyìn. Kìlógíráàmù omi kan ń gba nǹkan bíi mẹ́gájúùlù 2.4 kó tó di ooru. Gíláàsì mi fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 1.5, oòrùn tí mo wọ̀n jẹ́ wáàtì 450 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ní ìpíndọ́gba, wákàtí mẹ́rìndínlógún sì ni gbogbo àkókò tó fi sá, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 57600.

```
lílò:  3.0 × 2.4 = 7.2 MJ
wíwọlé: 450 × 1.5 × 57600 = 38.9 MJ
7.2 / 38.9 = 18.5%
```

Olùyẹ̀wò náà bi mí níbo ni ìyókù lọ. Mo ní púpọ̀ nínú rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde lókè àpótí, díẹ̀ gba ara gíláàsì àti pákó jáde, pé mi ò sì wọ̀n wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní "Ó dáa," ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò bínú sí "mi ò wọ̀n ọ́n," torí mo ti kọ́kọ́ sọ ohun tí mo mọ̀.

Ìbéèrè kẹta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba próójẹ̀ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi. Olùyẹ̀wò tó ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gẹ́ yìí, ṣé èèyàn lè jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó mọ́ ju ti orí ẹní lọ."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní eruku. Sáyánáìdì ńkọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gààrí mọ ìdí tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń jẹ́ kó kan. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ lìnámárìn. Èròjà mìíràn nínú ẹ̀gẹ́ náà ló ń fọ́ ọ, kí sáyánáìdì lè bá afẹ́fẹ́ lọ, ó sì nílò omi àti àkókò kó tó lè ṣe é. Tí a bá gé ẹ̀gẹ́ wẹ́wẹ́ tí a sì gbẹ ẹ́ kíákíá, omi á tán kí iṣẹ́ náà tó parí, lìnámárìn á sì ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ju èyí tó rọra gbẹ lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí mo ń fi àpótí mi yangàn, yíyára rẹ̀, lè jẹ́ àléébù rẹ̀. Òdiwọ̀n Codex fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ jẹ́ míligíráàmù 10 nínú kìlógíráàmù kan, èmi kò sì wọ̀n ohunkóhun. Mo ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" kí n tó ronú, mo wá ń gbèjà rẹ̀. Mo ní bóyá oòrùn á pa á. Ó bi mí bí oòrùn ṣe ń pa á. Nígbà tó yá, alábòójútó mi wo ilẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: "Mi ò wọ̀n sáyánáìdì, sà, nítorí náà mi ò lè sọ pé ó ṣeé jẹ. Mo mọ̀ pé gbígbẹ kíákíá lè jẹ́ kó ṣẹ́ kù sí i. Ẹ̀gẹ́ dídùn ni mo lò, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó fún láfún gbọ́dọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kó tó kó o sínú àpótí." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì mọ gbogbo rẹ̀ kí n tó wọlé. Ṣe ni mo ti kọ ọ́ sí orí karùn-ún ìwé mi, lábẹ́ ibi tí iṣẹ́ kù sí, tí mo sì yọ ọ́ kúrò lórí síláìdì kó má baà jẹ́ kí iṣẹ́ mi kéré lójú wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi fún ibi tí iṣẹ́ kù sí ní odidi ìṣẹ́jú kan nínú ètò tí mo kọ lókè. Ẹ wá ìbéèrè tó lè mú iṣẹ́ yín wó, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Bí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ sáyánáìdì ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ìbéèrè tí bàbá yẹn ì bá bi mí ni bí ǹ bá ṣe wọ̀n ọ́n, mo sì ní ìdáhùn sí ìyẹn.

Ó ku ohun kékeré méjì. Ẹ gbé àwọn síláìdì náà sórí fíláàṣì ní PDF, nítorí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa kò mọ àmì ohùn orí àwọn fọ́ǹtì kan, ìlà yín á sì dàrú. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì lórí próójẹ̀ẹ̀tì kan, ẹ ti mọ ẹni tó kan àpótí àti ẹni tó wọ̀n ẹ̀gẹ́ kí ẹ tó wọlé, torí wọ́n á bi ọ̀kọ̀ọ̀kan yín, bóyá ẹ wà pọ̀ tàbí ẹ ò sí pọ̀. B pẹ̀lú C ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí n lọ tún orí karùn-ún kọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí n gbé ọ̀rọ̀ sáyánáìdì wá sí ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta.